Ohun Tí Munirat Kọ Nígbà Tí Bàtà Sọnù

Fádèyí ní Èkó ni Munirat ti ń ṣe bàtà. Kì í ṣe bàtà oge. Àwọn tí ẹsẹ̀ wọn kan kúrú ju èkejì lọ, tí wọ́n ń ti ilé ìwòsàn eegun ní Igbóbì bọ̀, ló ń ṣe é fún. Òun náà ń tiro láti kékeré, kì í fi iṣẹ́ yẹn ṣeré.

Ó ṣe ọ̀kan fún tíṣà kan ní Ìkòròdú, Ọ̀gbẹ́ni Bámilóyè, ó sì fi rán iléeṣẹ́ kan tó ń fi ọ̀kadà gbé ẹrù. Ọjọ́ Ajé ló fún wọn, wọ́n ní ọjọ́ kejì ni yóò dé. Ọjọ́ Ẹtì ni Bámilóyè pè é.

"Àǹtí, páálí ti ya o. Ẹsẹ̀ kan ni mo bá nínú rẹ̀. Èyí tó ga ni kò sí."

Munirat pe iléeṣẹ́ náà. Wọ́n ní, "A ó pè yín padà." Wọn ò pè. Ó kọ̀wé sí wọn, wọn ò dáhùn. Inú bí i, ó jókòó ti fóònù, ó kọ ọ́ pé olè ni wọ́n, pé ọlọ́kadà wọn ti ta bàtà òun.

Kó tó gbé e sórí Fesibúùkù, ó kà á fún Àǹtí Ìbídàpọ̀ tó wà ní ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, tó ti ṣe akọ̀wé fún lọ́yà rí.

"Ṣé o rí i nígbà tó ń jí i?"

"Rárá, mà."

"Ohun tí o kò rí, má kọ ọ́. Wọ́n lè pè ọ́ lẹ́jọ́ lórí ẹ̀. Èyí tí o mọ̀, tí o lè fi hàn, kọ ọ́ tán, má sì fi ṣúgà bò ó mọ́lẹ̀."

Munirat pa á rẹ́. Ó kọ òmíràn, ó sì gbé e sórí Fesibúùkù:

"Ọjọ́ Ajé ni mo fún iléeṣẹ́ yìí ní bàtà. Wọ́n ní ọjọ́ kejì ni yóò dé. Ọjọ́ Ẹtì ló dé, páálí ti ya, ẹsẹ̀ kan ti dín. Àwòrán rẹ̀ àti rìsíìtì rèé. N kò mọ ibi tó sọnù sí, n kò sì fẹ̀sùn kan ẹnikẹ́ni. Mo pè wọ́n, wọ́n ní àwọn ó pè mí padà, wọn ò pè; mo kọ̀wé sí wọn, wọn ò tíì dáhùn. Iṣẹ́ tí wọ́n ṣe fún mi yìí kò dára rárá. Wọ́n ti gbé ẹrù mi dáadáa rí, ìdí nìyẹn tó fi dùn mí. Kí wọ́n bá mi wá bàtà náà, kí wọ́n sì ṣàlàyé fún oníbàárà mi."

Ẹnìkan kọ sábẹ́ rẹ̀ pé kó kúkú sọ pé olè ni wọ́n. Ó fèsì pé: "N kò rí olè. Bàtà ni mò ń wá."

Lọ́jọ́ kejì, ọ̀gá wọn, Adégbénró, pè é, ó tọrọ àforíjì. Ó ní òjò ló ti rin páálí; bàtà náà ti já bọ́ ní sítọ́ọ̀ wọn ní Abúlé Òkúta, wọn ò sì mọ ẹni tó ni ín. Ọlọ́kadà náà, bàbá ọlọ́mọ kan, ló gbé e lọ fún Bámilóyè, ó sì yà kí Munirat nígbà tó ń bọ̀.

"Ẹ ṣé tí ẹ ò pè mí lólè, mà. Àwọn ọmọ mi máa ń wo Fesibúùkù."

Munirat rántí èyí tó kọ́kọ́ kọ nípa rẹ̀, tó pa rẹ́. Ó kọ ọ́ sábẹ́ ọ̀rọ̀ tó ti gbé síta pé wọ́n ti rí bàtà náà, pé wọ́n ti bẹ òun. Àmọ́ kò yọ ọ̀rọ̀ náà kúrò.

"Òótọ́ ṣì ni," ó sọ fún Àǹtí Ìbídàpọ̀. "Kí ló dé tí wọn ò pè mí padà kí n tó gbé e sórí Fesibúùkù?"