Ohùn Tí Kò Ní Àkọlé

Iṣẹ́ tí mò ń ṣe ní Òkòtà kò ní orúkọ gidi. Àwọn kan ń pè mí ní àǹtí oní-fíìmù, àwọn mìíràn ní àǹtí kọ̀ǹpútà. Ẹ gbé fláàṣì wá, màá gbé fíìmù sí i fún yín. Bí fíìmù yín kò bá ṣe dáadáa lórí tẹlifíṣọ̀n, màá wò ó. Ohun tí mi ò fẹ́ràn ni kí ènìyàn dúró sí mi lẹ́yìn kó máa sọ bí mo ṣe máa ṣe é. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n ṣe, ilé rẹ̀ ni ì bá jókòó sí.

Obìnrin méjì ló wọlé lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ìyá àti ọmọ. Ìyá ti dàgbà, tíṣà tó ti fẹ̀yìntì ni, ará Èkìtì. Aṣọ ọ̀fọ̀ ló wà lọ́rùn rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ìjọba, ó sì hàn lára rẹ̀ pé ó kúrò lẹ́nu iṣẹ́ díẹ̀ ni.

“Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, English ni fíìmù yìí ń sọ lórí tẹlifíṣọ̀n wa,” ọmọ náà ní. “Wọ́n ní Yorùbá wà nínú ẹ̀. Mo tẹ rìmóòtì títí, kò yí padà. Ẹ bá wa yọ gbogbo ìyókù, kó ku Yorùbá nìkan. Kẹ́ ẹ sì pa èyí tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ rẹ́, torí fláàṣì yẹn ti kún.”

Ìyá yíjú sí mi. Ó ní, “Ọmọ mi, ohùn bàbá wọn ló wà nínú ẹ̀.”

Bó ṣe ṣàlàyé ọ̀rọ̀ náà fún mi nìyí. Àwọn ẹgbẹ́ eré ṣọ́ọ̀ṣì wọn ní Ailegun ló ṣe fíìmù náà, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sì fi ṣe é. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní kí àwọn àgbà wá fi ohùn Yorùbá sí i. Ọkọ rẹ̀ ni wọ́n ní kó sọ̀rọ̀ fún ẹni tó ṣe bàbá nínú eré náà. Ó lọ, ó sì padà wálé tẹ̀ríntẹ̀rín pé òun ti ṣe é. Lọ́jọ́ tí wọ́n fi fíìmù náà han ìjọ, Adó ni ìyá wà, ó ń tọ́jú àbúrò rẹ̀ tó ń ṣàìsàn. Kò gbọ́ ọ. Bàbá ti kú báyìí, wọn kò sì ní ibòmíràn tí wọ́n gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Ẹni tó to fíìmù náà pọ̀ ti kúrò nílùú, kọ̀ǹpútà tó fi tò ó sì ti bàjẹ́. Fláàṣì ọwọ́ wọn yìí nìkan ló kù.

Mo gba fláàṣì náà lọ́wọ́ wọn bí ẹni gba ẹyin.

Mo ṣí fáìlì náà. Àwòrán kan ló wà níbẹ̀, ohùn mẹ́rin sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀: Gẹ̀ẹ́sì, Faransé nítorí àwọn ará wọn ní Kútọnu, Yorùbá, àti ọ̀kan tí kò ní àkọlé kankan. Ọ̀kan ṣoṣo ló máa ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Èyí tí wọ́n bá fi sí iwájú ni irú tẹlifíṣọ̀n tiwọn yẹn máa ń gbé, kò ní bi ọ́ bóyá o gbọ́ èdè náà. Yíyọ rẹ̀ kò le. Lójú kọ̀ǹpútà, àwòrán àti ohùn kọ̀ọ̀kan ló ní ìlà tirẹ̀ pẹ̀lú àpótí kékeré níwájú, o máa yọ àmì kúrò níwájú èyí tí o kò fẹ́, kọ̀ǹpútà á sì kó ìyókù sínú fáìlì tuntun láìfọwọ́ kan àwòrán rárá. Ti àtijọ́ á ṣì wà níbi tó wà, àfi bí ènìyàn bá fọwọ́ ara rẹ̀ pa á rẹ́.

Mo yan Yorùbá, mo sáré lọ síbi tí bàbá inú eré náà ti ń sọ̀rọ̀. Ohùn náà já gaara, bíi ti àwọn tó ń ka ìròyìn. Ìyá gbọ́ ọ díẹ̀, ó mi orí.

“Kì í ṣe òun nìyẹn.”

“Mọ́mì, òun ni,” ọmọ náà ní. “Ó ti pẹ́ díẹ̀ ni. Ẹ ti gbàgbé.”

Inú bí mi sí i. Irú ọ̀rọ̀ yẹn, a kì í sọ ọ́ sí opó létí. Ìyá ń wo ọwọ́ ara rẹ̀, mo sì rí i pé ẹ̀rù ń bà á pé bóyá òótọ́ ni. Àánú rẹ̀ ṣe mí gan-an.

Mo yan èyí tí kò ní àkọlé. Orin ló kọ́kọ́ dún, lẹ́yìn náà ìró bàtà, lẹ́yìn náà kò sí nǹkan kan. Àwọn ènìyàn ń yanu lójú àwòrán, ọ̀rọ̀ kò jáde.

“Kò sí nǹkan níbẹ̀,” ọmọ náà ní. “Ẹ yọ ọ́. Ẹ fi Yorùbá yẹn sílẹ̀ fún wa, ká máa lọ.”

Ẹlòmíràn ì bá yọ ọ́. Ṣùgbọ́n pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ là á lá ọbẹ̀ gbígbóná. Nínú iṣẹ́ tiwa yìí, a kì í gbọ́ ìbẹ̀rẹ̀ ohùn nìkan ká tó jù ú nù. Ibi tí ọ̀rọ̀ bá wà la máa ń lọ. Mo tún sáré lọ síbi tí bàbá inú eré náà ti ń sọ̀rọ̀.

Ohùn àgbà kan jáde, ó ha díẹ̀, Èkìtì sì kún ẹnu rẹ̀ bámúbámú. Ulé ló ń pe ilé, uṣu ló ń pe iṣu. Ìyá di etí tábìlì mi mú. Kò sẹ́ni tó bi í bóyá òun ni.

Ó yé mi nígbà náà. Bàbá ló kọ́kọ́ wá gba ohùn tirẹ̀ sílẹ̀, kí ìyókù tó dé. Wọ́n gbọ́ ọ, wọ́n rí i pé àwọn ará Èkó kò ní gbọ́ ọ dáadáa, wọ́n pe ẹlòmíràn. Ẹni tó to fíìmù náà kò sì ní ọkàn láti jù ú nù. Ìyá náà ti rò ó dé ibẹ̀.

“Wọn ò lò ó,” ó ní. “Kò sì sọ fún mi.” Ó tú ọwọ́ kúrò létí tábìlì. “Ojú ló ń tì í.”

Ọmọ rẹ̀ ti ń sunkún. Ó kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga ìyá rẹ̀, ó sì bẹ̀ ẹ́. Ìyá gbé ọwọ́ lé e léjìká.

Mo sọ fún wọn pé mi ò ní pa nǹkan kan rẹ́ lórí fláàṣì yẹn, mo sì da gbogbo rẹ̀ kọ sórí òmíràn tó tóbi. Mo wá sọ fún ìyá pé, “Mà, ẹnì kan ṣoṣo ló ń sọ̀rọ̀ nínú èyí. Bó bá sọ tirẹ̀ tán, kò sẹ́ni tó ń dá a lóhùn. Mo lè gé ohùn àwọn tó kù látinú ohùn Yorùbá tó ní àkọlé yẹn, kí n fi dí àwọn àlàfo náà. Á dùn ún gbọ́.”

“Má dí i.”

“Á dákẹ́ ju, mà.”

“Mo ní má dí i.” Tíṣà ni lóòótọ́, mo jókòó dáadáa. Ó nawọ́ sí ọkùnrin tó ń yanu lójú kọ̀ǹpútà. “Ojú ti ọ̀gbẹ́ni yìí kì í ṣe ojú rẹ̀. Ṣé o lè yọ àwòrán kúrò?”

Láti ọdún tí mo ti ń ṣiṣẹ́ yìí, ohùn ni wọ́n máa ń ní kí n yọ. Mo yọ àmì kúrò níwájú Gẹ̀ẹ́sì, mo yọ ti Faransé, mo yọ ti Yorùbá, mo wá yọ ti àwòrán. Ìlà kan ṣoṣo ló kù. Ìyá ní kí n jẹ́ kó dún kí òun lè gbọ́.

Orin dún, ó lọ. Bàbá náà bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, ó ń bi ọmọ inú eré náà bóyá ó ti jẹun. Lẹ́yìn rẹ̀ ni àlàfo dé, ó dákẹ́ rọ́rọ́.

Ìyá fara súnmọ́ ẹ̀rọ náà, ó sì fi Èkìtì dá a lóhùn jẹ́jẹ́ pé òun ti jẹun.