Ẹ̀jẹ̀ Mi Ti Wálẹ̀

Mo ti na èèyàn púpọ̀ kí wọ́n tó sọ fún mi pé ẹ̀jẹ̀ mi ń ru. Ìyẹn ni mo fẹ́ kọ́kọ́ sọ, kí ẹnikẹ́ni má baà fi àánú rẹ̀ ṣòfò lórí mi.

Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni mí nígbà náà. Bantè ni èmi àti ìyàwó mi ń gbé. Ilé iṣẹ́ kan tó ń fọ́ kajú ní Savalou fẹ́ gbà mí láti máa wa ọkọ̀ ẹrù, wọ́n sì ní kí n lọ ṣe àyẹ̀wò ara kí n tó bẹ̀rẹ̀.

Nọ́ọ̀sì ní kí n lọ tọ̀, kí n jókòó fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kí n fẹ̀yìn ti àga, kí n tẹ ẹsẹ̀ méjèèjì sílẹ̀, kí n sì pa ẹnu mọ́. Ó gbé apá mi lé tábìlì kó lè bá àyà mi dọ́gba, ó wé aṣọ ẹ̀rọ mọ́ ọn. Ó wọn apá méjèèjì, ó sì tún wọn èyí tó ga jù lẹ́ẹ̀mejì sí i.

Ó ní, "Ẹ̀jẹ̀ yín ń ru, tansíọ̀n yín ga. Mẹ́tàdínlógún lórí mọ́kànlá. Kò yẹ kó tó mẹ́rìnlá lórí mẹ́sàn-án."

Mo ní irọ́ ni. Orí ò fọ́ mi, òòyì ò kọ́ mi, mo ṣì gbé àpò kajú lánàá. Mo ní èèyàn rẹ̀ kan ló fẹ́ fi iṣẹ́ mi fún. Mo fi ẹsẹ̀ ta tábìlì, ẹ̀rọ náà já lulẹ̀, obìnrin náà sì sá fara ti ògiri. Dókítà, ọkùnrin àgbàlagbà kan, jáde wá. Kò pariwo. Ó ṣa ẹ̀rọ náà nílẹ̀, ó sì jókòó síwájú mi.

Ó ní, "A kì í mọ̀ ọ́n lára. Á máa ba kíndìnrín àti ọpọlọ jẹ́ lábẹ́lẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ohunkóhun ò sì ní dùn yín. Bàbá yín ńkọ́?"

Bàbá mi ṣubú nínú oko iṣu ní Gouka. Ẹnu rẹ̀ wọ́, ọjọ́ kẹta ló kú, kò sì tíì pé àádọ́ta ọdún. Nígbà tí mo sọ ìyẹn tán, ohùn mi ti lọ sílẹ̀. Dókítà béèrè oògùn tí mò ń lò. Mo sọ nípa hóró pupa tí mò ń rà létí ọ̀nà fún ẹ̀yìn tó ń dùn mí. Ó ní irú oògùn ara ríro yẹn a máa há iyọ̀ mọ́ra, á sì mú ẹ̀jẹ̀ ru, kí n jù ú nù. Ó ní òun kì í fi ọjọ́ kan ṣoṣo dájọ́, kí n padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Mo padà, ó ṣì ga. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ àti ìtọ̀ mi torí pé ọmọdé ni mí fún irú èyí, bóyá kíndìnrín ló fà á. Kíndìnrín mi mọ́.

Ó fún mi ní oògùn, hóró kan láràárọ̀. Ó ní yóò gba ọ̀sẹ̀ díẹ̀ kó tó ṣiṣẹ́ dáadáa. Bó bá sì wálẹ̀, oògùn ló mú un wálẹ̀, kí n má jáwọ́. Iyọ̀ àti magí gbọ́dọ̀ dínkù. Iṣẹ́ yóò dúró dè mí.

Ní Bantè, ìyá àdúrà kan ní ìjọ aláṣọ funfun tí ìyàwó mi ń lọ wá kí wa. Mo gbọ́ ohun tó ń sọ fún un ní àgbàlá: "Má bá a fa ọ̀rọ̀ o, ọmọ mi. Bí inú bá bí i, iṣan orí rẹ̀ lè bẹ́."

Inú mi dùn. Mi ò ní parọ́. Ó dà bí ẹni pé wọ́n pọ́n àdá, wọ́n sì fà á lé mi lọ́wọ́.

Lọ́sẹ̀ yẹn, mo fi orí kan ọkùnrin Nàìjíríà tó ń ta epo bẹntiróòlù nímú, mo ní òṣùwọ̀n rẹ̀ kò pé. Imú rẹ̀ fọ́, ẹ̀jẹ̀ bo àwọn ìgò epo rẹ̀. Nígbà tí wọ́n sọ fún un pé mo ní tansíọ̀n, òun ló tún ń bẹ̀ mí: "Bọ̀ọ̀dá, ẹ má bínú. Mi ò mọ̀ pé ara yín ò yá." Ó di aṣọ mú nímú, ó ń bẹ̀ mí!

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta oògùn, mo lọ sí Savalou. Mẹ́tàlá lórí mẹ́jọ. Ó ti wálẹ̀. Dókítà ní kí n padà wá lẹ́ẹ̀kan sí i kí òun tó fọwọ́ sí ìwé iṣẹ́ mi. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni nílé.

Ọjọ́ kẹrin lẹ́yìn ìyẹn, mo ní ọbẹ̀ tẹ́. Mo gbé ìkòkò náà gbígbóná, mo dà á sí ìyàwó mi nítan. Igbe tó ké, mo ṣì ń gbọ́ ọ. Ó sá lọ sí Bobè, sílé bàbá rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta péré, bàbá rẹ̀ fi alùpùpù gbé e padà wá fún mi.

Ó sọ fún un lójú mi pé, "Àìsàn ló ń nà ọ́, ọkọ rẹ kọ́. Ṣé o fẹ́ pa á ni? Níwọ̀n ìgbà tí ara rẹ̀ kò bá yá, má padà wá sílé mi."

Itan ìyàwó mi ṣì ń bó.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí mo fẹ́ lọ gba ìwé iṣẹ́ náà, ó bi mí bóyá mo ti lo oògùn. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo gbá a létí, ó fi orí sọ igun ilẹ̀kùn, òkè ojú rẹ̀ là. Mi ò fẹ́ kí àwọn ará Bantè rí i, mo bá gbé e sẹ́yìn alùpùpù, a gba Savalou lọ.

Wọ́n rán ojú rẹ̀ nínú yàrá kan náà tí wọ́n ti fẹ́ wọ̀n mí. Mo tètè sọ fún nọ́ọ̀sì pé, "Á ga lónìí. Òun ló mú mi bínú."

Ó ní kí n jókòó, kí n dákẹ́. Ó wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mẹta. Méjìlá lórí mẹ́jọ.

Dókítà wo ojú ìyàwó mi, ó wo ọwọ́ mi. Ó ní, "Ìbínú lè ta á sókè fúngbà díẹ̀, á sì tún sọ̀ kalẹ̀. Ṣùgbọ́n tansíọ̀n kì í gbé ọwọ́ èèyàn sókè. Mi ò ní oògùn ìyẹn."

Ìyàwó mi ti dìde. Ó ní, "Dókítà, ẹ bá mi kọ iye tòní sínú ìwé ìwòsàn tèmi. Bàbá mi náà mọ̀wé. Kó rí i pé ara ọkọ mi ti yá."

Dókítà ní, "Ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ ni. Òun nìkan ló lè ní ká kọ ọ́."

Gbogbo wọn yíjú sí mi. Mo rí ọwọ́ mi tó ti di ẹ̀ṣẹ́ lórí tábìlì. Nọ́ọ̀sì ti sún mọ́ ògiri gẹ́gẹ́ bíi ti ọjọ́ àkọ́kọ́. Ìyàwó mi nìkan ni kò sún. Ojú tì mí débi pé mi ò lè gbé orí.

Mo ní, "Ẹ kọ ọ́. Ẹ kọ ti ọjọ́sí náà, mẹ́tàlá lórí mẹ́jọ, kí ẹ sì fi ọjọ́ rẹ̀ sí i."

Dókítà kọ méjèèjì. Ìyàwó mi gba ìwé náà, ó ka ọjọ́ yẹn. Ọwọ́ rẹ̀ lọ sí itan rẹ̀.

"Ọbẹ̀ ńkọ́?"

Mo ní, "Ẹ̀jẹ̀ mi ti wálẹ̀ kí n tó da ọbẹ̀ sí ọ lára."

Kò sunkún. Ó ká ìwé náà mọ́ ìró rẹ̀, ó jáde, ó dá alùpùpù kan dúró, ó ní Bobè ni òun ń lọ. Lọ́tẹ̀ yìí, kò sí ẹni tó gbé e padà wá.