Ẹni Tí Wọ́n Kà Mọ́ Ilé

Akọ̀wé olórí ìlú ló mú ìwé náà wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù. Mo ń fá pákó ìlẹ̀kùn lọ́wọ́, eruku pákó ti bò mí látòkè délẹ̀. Ó fi ìwé lé orí pákó náà, ó ní kí n kú iṣẹ́, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Láti ìgbà tí mo ti Àbíjàn dé sí Òsí, bí gbogbo wọn ṣe ń ṣe sí mi nìyẹn. Wọ́n á kí mi dáadáa, wọ́n á sì kọjá. Kò sẹ́ni tó ń fìdí kalẹ̀.

Ìwé owó-orí iṣẹ́ ọwọ́ ni, yàtọ̀ sí owó orí tí agbo ilé ń san. Mo kà á lẹ́ẹ̀kan, inú bí mi. Mo tún un kà, orí mi dàrú. Nígbà ayé ọ̀hún, oṣù kẹrin ni ọdún owó-orí ń bẹ̀rẹ̀, ìwé yìí sì ní láti oṣù kẹrin ni mo ti ń gbé ní Òsí, láti ìgbà náà ni mo sì ti ń ṣe iṣẹ́ káfíńtà níbẹ̀. Ní oṣù kẹrin kẹ̀? Àbíjàn ni mo wà ní oṣù kẹrin, tí òjò ń pa mí lórí òrùlé onílé. Ìgbà tí mo dé Òsí, iṣu tuntun ti di ohun tí gbogbo ayé ń jẹ láìyọ̀ mọ́.

Ṣùgbọ́n n kò mọ èwo ni kí n sọ pé ó tọ̀nà. Ṣé ọjọ́ tí mo wọ ibodè ni mo di ará ibí lójú ìjọba ni? Ṣé ọjọ́ tí mo ṣí ṣọ́ọ̀bù ni? Àbí nítorí pé wọ́n bí mi síbí, n kò tiẹ̀ lọ rí lójú wọn? Mo ní owó díẹ̀ nínú agolo mílíìkì, owó ọkọ̀ ìyàwó mi àti àwọn ọmọ wa ni, kí wọ́n lè bá mi jẹ Kérésì. Bí mo bá san ohun tí ìwé yẹn béèrè, Kérésì di ti èmi nìkan.

Mo wọ lọ́rì lọ sí ọ́fíìsì owó-orí ní Òmù-Àrán. Ọkùnrin tó dá mi lóhùn jẹ́ ará Ìlọrin, ó ń họ ọrùn bí ó ṣe ń sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ó fara balẹ̀.

Ó ní, “Alàgbà, ẹni tó ń gbé níta, tó wọlé láàárín ọdún wá ṣòwò, ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ òwò níbí la ó ti kà á títí ọdún á fi parí. Ohun tí ẹ rí ní Àbíjàn kí ẹ tó dé, kò kàn wá.”

“Kí ló wá dé tí ẹ ka tèmi láti oṣù kẹrin?”

“Baálé yín ló ní ẹ wà nílé ní oṣù kẹrin. Níbo ni òǹtẹ̀ ibodè wà nínú ìwé ìrìnnà yín?”

Ọkọ̀ àwọn oníṣòwò aṣọ ni mo bá wá, ọ̀nà tí wọ́n gbà kò sí òǹtẹ̀ níbẹ̀. Ọkùnrin náà ní kí n kọ̀wé pé n kò fara mọ́ iye náà kí ọjọ́ tó wà nínú ìwé tó pé, kí n sì mú ẹni tó yá mi ní ṣọ́ọ̀bù wá, àti baálé tó ka orúkọ mi. “Ẹnu tó ní ẹ wà nílé ni kó wá sọ pé ẹ kò sí nílé.”

Baálé wa ni àbúrò bàbá mi, bàbá mi kékeré. Lọ́dọọdún, bí àkókò owó-orí bá tó, gbogbo ọkùnrin agbo ilé á jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀. Á pe orúkọ, olórúkọ á dáhùn, á sì ju ekùrọ́ kan sínú igbá fún un. Iye ekùrọ́ ni iye orí tí a ó san owó fún. Gbogbo ọdún tí mo fi wà ní Àbíjàn ló ń pe orúkọ mi. Ẹnikẹ́ni kì í dáhùn. Òun náà á dá ara rẹ̀ lóhùn pé, “Ọ́ wà lúlé,” á ju ekùrọ́ sínú igbá, á sì san owó orí mi látinú owó iṣu rẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ ń fi rẹ́rìn-ín, wọ́n ní baálé ń bá kùkùté sọ̀rọ̀. N kò gbọ́ nǹkan kan nípa rẹ̀ títí di ọjọ́ tí mo lọ bá a.

Ó ń bó iṣu lọ́wọ́. Ó gbọ́ mi tán, kò gbójú sókè.

“Orúkọ tí a kò bá pè, ẹni ọ̀hún ti kú nìyẹn,” ó ní. “Bàbá rẹ kú, o kò wá. Àwọn ènìyàn ní kí n pín yàrá rẹ fún ẹlòmíràn. Mo ní, ọ́ wà lúlé. Ṣé ẹnu kan náà ni kí n wá fi sọ fún ìjọba pé é è sí lúlé?”

Ojú tì mí, inú sì tún bí mi, nítorí owó ọkọ̀ àwọn ọmọ mi ni mo ń rò. Mo sọ ọ́ fún un bẹ́ẹ̀. Mo ní àdáwà ń pa mí, bàbá. Ó ju iṣu sínú omi, ó ní kí n wá pè é bí ọjọ́ bá pé.

Mo kọ̀wé, wọ́n sì pè wá. Ní Òmù-Àrán, onílé ṣọ́ọ̀bù ló kọ́kọ́ sọ tirẹ̀. Lẹ́yìn náà ni bàbá mi kékeré dìde, bí ẹni tó fẹ́ jẹ́rìí ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ó wojú ògiri, kò wojú mi. Ó ní, “É è sí lúlé.” Akọ̀wé ọ́fíìsì náà ní kó tún un sọ, kí òun lè kọ ọ́ dáadáa. Ó tún un sọ. Ó tẹ ìka sí i. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ owó-orí mi láti ọjọ́ tí mo ṣí ṣọ́ọ̀bù, ó sì dín kù gan-an. Mo jàre, mo sì jókòó tì í nínú lọ́rì títí a fi dé Òsí, ó kọjú síta.

Mo fi owó ọkọ̀ ránṣẹ́. Ìyàwó mi fi í ra aṣọ ilé-ìwé fún àwọn ọmọ. Ó ní kí ẹni tó ń bọ̀ wá sọ fún mi pé Àbíjàn ni àwọn ọmọ mọ̀, pé kí n má bínú. Èmi nìkan ni mo jẹ adìyẹ Kérésì, mo sì ju egungun rẹ̀ sí ajá ẹlòmíràn.

Nígbà tí àkókò kíka orí tún pé, mo jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú àwọn yòókù. Bàbá mi kékeré pe orúkọ mi, ó sì dúró. Mo dáhùn fúnra mi. Ó ju ekùrọ́ sínú igbá, ó wá béèrè bí ẹnikẹ́ni bá tún ní ọmọ tó ti tó ẹni tí à ń kà.

Àkọ́bí mi ti tó bẹ́ẹ̀ lọ́dún yẹn. Mo mọ̀ pé ìwé lè tẹ̀lé e, mo mọ̀ pé èmi ni n ó máa san án. Mo pe orúkọ rẹ̀.

Ẹnì kan lẹ́yìn mi béèrè pé níbo ló wà.

Mo ní, “Ọ́ wà lúlé.”

Bàbá mi kékeré wò mí. Ó na ọwọ́, ó ju ekùrọ́ kan sínú igbá.