Lẹ́tà Tí Mo Fi Pa Dákẹ́ Lẹ́nu Mọ́

Dákẹ́ kì í ṣe orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́. Àwa onígẹdú la sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, torí ọ̀rọ̀ ṣọ̀wọ́n lẹ́nu rẹ̀. Ọdún mọ́kàndínlógún la jọ fi ṣiṣẹ́. Ayùn gígùn kan ṣoṣo làwa méjèèjì ń fà. Èmi á dúró lórí igi, òun á wà nínú kòtò nísàlẹ̀. Ẹni tó bá wà nísàlẹ̀ kì í la ẹnu, torí lẹ́búlẹ́bú igi ni yóò bọ́ sí i lọ́fun. Ìyẹn bá Dákẹ́ lára mu. Àwọn tó kù máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé bó bá kú sínú kòtò láàárọ̀, ó di ìrọ̀lẹ́ ká tó mọ̀.

Kíkàn la fi ń bára wa sọ̀rọ̀. Bó bá kan igi lẹ́ẹ̀mejì, ohun tó ń wí ni pé: mo ti wà níbí, ó yá. Èmi náà á kàn án lẹ́ẹ̀mejì, a ó bẹ̀rẹ̀. Bó bá kàn án lẹ́ẹ̀kan, ó tó, ká dúró. Aago méje àárọ̀ la ń bẹ̀rẹ̀, aago mẹ́rin la ń ṣíwọ́. A kì í ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ Àìkú.

Nígbà tí ẹ̀rọ ìlagi dé, mo lọ ṣiṣẹ́ nídìí rẹ̀. Dákẹ́ ní òun ò lọ. Ó bi mí pé ta ni yóò wá máa di òkè ayùn mú. Mo kàn rẹ́rìn-ín ni. Ariwo ẹ̀rọ yẹn ló gba etí mi, mi ò fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ràn mọ́. Dákẹ́ kó lọ sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ obìnrin ní ìlú kejì. Ó ní kí n kọ nọ́ńbà mi fún òun, mo kọ ọ́. Òun ò ní fóònù nígbà yẹn. Mo ní màá wá kí i. Ọdún mẹ́jọ kọjá, mi ò lọ.

Lọ́dún tó kọjá ni nọ́ńbà kan tí a kò mọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí pè mí. Ìyàwó ọmọ mi ló máa ń gbé fóònù mi, torí etí mi. Ó ní wọn ò sọ̀rọ̀.

“Wọ́n kàn ń kan nǹkan ni, Bàbá. Kó, kó. Wọ́n á dákẹ́. Kó, kó.”

Ó bi wọ́n pé ta ni, wọ́n tún kàn án. Ó pè wọ́n padà, wọ́n gbé e, wọ́n kàn án. Ó bú wọn, wọn ò dáhùn. Láàárọ̀, wọ́n á pè. Nírọ̀lẹ́, wọ́n á pè. Ẹ̀rù wá ń bà á. Ó ní bóyá olè ni, pé wọ́n fẹ́ mọ ìgbà tí ilé máa ń ṣófo. Ọmọ ọwọ́ wà lẹ́yìn rẹ̀. Kò jẹ́ kí ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ mọ́. Fóònù mi kékeré ni, kò síbi tí èèyàn lè ti dínà mọ́ nọ́ńbà lórí rẹ̀. Mo ní ká lọ fẹjọ́ sùn.

Ní ilé-iṣẹ́ fóònù, wọ́n fún wa ní bébà tó ní nọ́ńbà, a jókòó títí ó fi kàn wá. Ọmọbìnrin tó wà lórí káńtà yẹ káàdì ìdánimọ̀ mi wò, ó rí i pé orúkọ mi ló wà lórí láìnì náà. Ó ní kí n lọ kọ lẹ́tà, kí a kọ nọ́ńbà tó ń pè sínú rẹ̀, àti ọjọ́ àti aago tó pè.

Ìyàwó ọmọ mi fi ọ̀sẹ̀ méjì kọ aago sílẹ̀, ó wá jókòó kọ lẹ́tà. Ó kọ ọ́ pé ìdààmú ọkàn kíkan kíkan ti sọ ìgbé ayé wa di ahoro. Mo ní kó pa á rẹ́. Ilé mi kì í ṣe ahoro. Mo ní kó kọ ohun tó gbọ́. Ó wá kọ ọ́ báyìí:

“Nọ́ńbà yìí ń pè mí lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́, aago méje àárọ̀ àti aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Kì í sọ̀rọ̀. Láàárọ̀, ó máa ń kan nǹkan lẹ́ẹ̀mejì, yóò dúró, yóò tún kàn án lẹ́ẹ̀mejì. Nírọ̀lẹ́, yóò kàn án lẹ́ẹ̀kan, yóò pa fóònù. Ẹ bá mi wá ẹni náà, kí ẹ dá a dúró.”

Ó kà á sí mi létí lẹ́ẹ̀mejì. Mo ní ó dáa. Mo tẹ̀ka sí i.

Ọmọbìnrin orí káńtà ka lẹ́tà náà àti àwọn ọjọ́ tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ó ní àwọn ò lè sọ ẹni tó ni nọ́ńbà náà fún mi, pé ọlọ́pàá nìkan ló lè wá béèrè ìyẹn, pẹ̀lú ìwé kóòtù lọ́wọ́. Àmọ́ àwọn á wo àkọsílẹ̀ bóyá òótọ́ ni wọ́n ń pè, àwọn á kìlọ̀ fún ẹni náà, bí kò bá gbọ́, àwọn á ti láìnì rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló tún wo bébà.

“Bàbá, ẹni tó ń yọ yín lẹ́nu yìí mà ń sinmi lọ́jọ́ Àìkú. Àfi bí ẹni tó ń lọ síbi iṣẹ́.”

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín.

Kò pé ọjọ́ mẹ́wàá, ìpè náà dá. Mo yin ilé-iṣẹ́ náà. Ìyàwó ọmọ mi ṣí ilẹ̀kùn.

Oṣù méjì lẹ́yìn náà, obìnrin kan wọlé, ó kúnlẹ̀. Ó ní ọmọ Dákẹ́ lòun. Mo ní kó dìde, kó jókòó, pé báwo ni bàbá. Kò dìde.

“Ẹ má bínú, Bàbá. Wọ́n pè mí láti ilé-iṣẹ́ fóònù. Wọn ò dárúkọ yín, ṣùgbọ́n nọ́ńbà yín nìkan ló wà nínú fóònù bàbá mi.”

Ó sọ fún mi pé àrùn rọpárọsẹ̀ ló kọlu bàbá rẹ̀. Ó mú ahọ́n, ó mú apá ọ̀tún. Ó ku ọwọ́ òsì. Òun ra fóònù fún un, òun ṣe é kó jẹ́ pé bó bá ti tẹ bọ́tìnnì kan, èmi ni yóò pè. Òun á gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kóun tó lọ síbi iṣẹ́. Ó ní òun rò pé èmi máa ń bá a sọ̀rọ̀, tí bàbá òun sì máa ń gbọ́. Nígbà tí wọ́n kìlọ̀, ẹ̀rù ọlọ́pàá bà á, ó gba fóònù lọ́wọ́ bàbá rẹ̀, ó tì í mọ́ àpótí.

“Ó kọ́kọ́ ń kan irin bẹ́ẹ̀dì,” ló wí. “Kò kàn án mọ́ báyìí.”

Ìyàwó ọmọ mi bú sẹ́kún. Mo ní kó mú bébà wá, kó kọ ọ́ sí ilé-iṣẹ́ fóònù pé mo ti fa ọwọ́ ẹjọ́ mi sẹ́yìn. Ó béèrè ohun tí òun máa kọ pé ó fà á. Mo ní kó kọ ọ́ pé èmi ni mi ò gbọ́.

Lọ́jọ́ kejì mo wọkọ̀ lọ. Mo bá a lórí ìdùbúlẹ̀, ojú rẹ̀ kọ sí ògiri. Ó ti rù. Mo fa àga sún mọ́ ọn. Mo kan irin bẹ́ẹ̀dì lẹ́ẹ̀mejì. Kò yíjú. Mo dúró, mo tún kàn án. Mo sọ fún un pé mi ò gbọ́, pé ẹ̀rọ ló gba etí mi. Mo sọ ohun tó yẹ kí n ti sọ lọ́dún mẹ́jọ sẹ́yìn, pé èmi ló yẹ kí n di òkè ayùn mú. Mo sọ̀rọ̀ ju bí mo ti ń sọ lọ. Kò wò mí. Ọmọ rẹ̀ gbé omi wá. Mo jókòó. Ní wákàtí wákàtí, mo ń kàn án lẹ́ẹ̀mejì.

Nígbà tí ó di aago mẹ́rin, ọwọ́ òsì rẹ̀ kúrò lórí aṣọ. Ó wá irin náà títí ó fi bà á. Mo gbé ọwọ́ mi lé irin kí n lè gbọ́.

Ó kàn án lẹ́ẹ̀kan.