Harambee tí mo túmọ̀ fún wọn ní Stafford

Mo fọ abọ́. Mo sun inú mọ́tò. Mo kó ẹrù ní La Porte, nílùú òyìnbó níbí, títí awọ èjìká mi fi bó. Ìwé mẹ́fà péré ni mo kà, síbẹ̀ mo di ọ̀gá. Ṣùgbọ́n ojú tì mí lónìí.

Àwọn ará Kenya ní kí n ṣí ìpàdé wọn ní Stafford. Ìjì ló ṣí òrùlé Màmá Wambui, opó kan láàárín wọn, wọ́n wá fẹ́ ṣe harambee láti bá a kàn án. Yorùbá wà níbẹ̀, òyìnbó náà wà níbẹ̀. Mo gba maiki:

"Lédè Swahili, harambee ni 'ẹ jẹ́ ká jọ fà á'. Bí ẹrù bá wúwo, ẹnì kan á ké 'Harambee!', àwọn yòókù á dáhùn 'Hee!', gbogbo wọn á fà á lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tó lówó á mú owó wá, ẹni tó lágbára á mú apá wá."

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Orí mi wú. Mo bá fi kún un: "Èmi o, kò sẹ́ni tó bá mi fà! Èmi nìkan ni mo fa ara mi débí!"

Màmá Wambui rẹ́rìn-ín. "Bàbá, oṣù mẹ́ta tí ẹ fi sùn lórí àga wa ní Brays Oaks ńkọ́? Olóògbé ọkọ mi tó ń gbé yín lọ síbi iṣẹ́ láràárọ̀, kí ló ń ṣe nígbà yẹn?"

Mo ti gbàgbé pátápátá!

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ bá mi dá sí i: ṣé obìnrin yìí lè dárí jì mí? Sátidé tó ń bọ̀, èmi fúnra mi ni màá gun àkàbà pẹ̀lú òòlù. Mi ò ní gba maiki. Àwọn ni yóò ké, èmi á dáhùn.