Èsì Dáadáa Tí Ìyá Mi Gbà Ṣáájú Ààwẹ̀

Ọdún méjì ni ìyá mi kò fi gba ààwẹ̀ Ràmàdáánì, ọ̀rọ̀ náà sì dùn ún ju àtọ̀gbẹ tó fà á lọ. Àáfà ti sọ fún un pé fídíyà tó, kí ó máa bọ́ aláìní kan dípò ọjọ́ kọ̀ọ̀kan tí kò bá gbà. Ó sì ń bọ́ wọn. Ṣùgbọ́n bó bá bu oúnjẹ fún wọn tán, á jókòó sẹ́nu ìdáná, á ní, "Oúnjẹ ni mo fi ń ra ara mi padà bí ẹrú."

Ọ̀mù-Àrán là ń gbé, nínú ilé tí bàbá mi fi sílẹ̀. Ọkọ tèmi náà ti kú, mo ti padà sọ́dọ̀ ìyá mi, mo ń rán aṣọ ilé-ìwé fún àwọn ọmọ àdúgbò. Àbúrò mi kan ṣoṣo wà ní Èkó. Àwọn ọdún yẹn le. Ilé iṣẹ́ tó gbà á ti kógbá wọlé, ó wá ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀ àlòkù, síbẹ̀ kò jẹ́ kí oògùn ìyá wa tán. Òun ló ra ẹ̀rọ kékeré tí a fi ń wo ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ránṣẹ́ sí wa. Bébà tẹ́ẹ́rẹ́ tí à ń kì bọ̀ ọ́, díẹ̀díẹ̀ ni mo ń rà á lọ́dọ̀ kẹ́mísì kan ní Òrò, nítorí apá wa kò ká odindi páálí.

Nígbà tí ààwẹ̀ ọdún kẹta ń bọ̀, ìyá mi bẹ dókítà tó ń tọ́jú rẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni dókítà náà, ó ní sùúrù. Ó ní, "Màmá, àyẹ̀wò oṣù mẹ́ta ni yóò sọ fún wa. Ṣúgà máa ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀jẹ̀ pupa, kò sì ní í ṣí kúrò títí ẹ̀jẹ̀ náà á fi kú. Bí a bá wo iye tó lẹ̀ mọ́ ọn, a ó mọ bí ara yín ti ṣe láti bí oṣù méjì mẹ́ta sẹ́yìn, kì í ṣe ti òwúrọ̀ yìí nìkan. Bó bá dáa, a ó jọ sọ̀rọ̀ ààwẹ̀."

Wọn kì í ṣe àyẹ̀wò náà níbi tí a wà. Ìlọrin la lọ. Nígbà tí èsì dé, ó dáa ju bí ẹnikẹ́ni ti rò lọ. Bíi ti ẹni tí kò ní àtọ̀gbẹ rárá ni.

Ìyá mi gba ìwé náà lọ́wọ́ mi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò lè kà á, ó sì fi kan iwájú orí. Kí oòrùn ọjọ́ kejì tó wọ̀, gbogbo ìdílé ti gbọ́. Ó ra tẹ̀sùbáà tuntun. Ó fọ abọ́ tí yóò máa fi jẹ sàárì. Àbúrò mi pè láti Èkó, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Àǹtí, ẹ rí i? Iṣẹ́ yín ni. Ṣé ká wá dín oògùn náà kù?"

Mo ní, "Má tíì dín nǹkan kan kù."

"Kí ló dé?"

 Lórí ẹ̀rọ kékeré wa, ṣúgà ìyá mi ń ju igba lọ láàárọ̀ kùtù, kí ó tó fi nǹkan kan kan ẹnu, bẹ́ẹ̀ kò yẹ kó ju àádóje lọ. Bó bá jẹun tán, n kì í fẹ́ sọ iye rẹ̀ fún un. Ó ń mu omi bí ẹni tó ti oko ẹ̀gẹ́ dé. Ìró tó ń ró mọ́ ìdí tẹ́lẹ̀ ti wá ń yí i po lẹ́ẹ̀mejì.

"Ẹ̀rọ rẹ ló ń purọ́," ni ìyá mi wí. "Ìwé Ìlọrin ní òǹtẹ̀. Ẹ̀rọ tìẹ ní òǹtẹ̀?"

"Kò ní, Màmá."

"Ó dáa, fi nǹkan bò ó. Kò fẹ́ kí n bá Ọlọ́run mi sọ̀rọ̀ ni."

Àbúrò mi ní bébà tẹ́ẹ́rẹ́ tí mò ń rà ti gbó lọ́wọ́ kẹ́mísì ni. Ó ṣeé ṣe. Mo gún ìka ara mi, mo fi ọ̀kan wò ó nínú àwọn bébà tí mo rà pọ̀ lọ́jọ́ kan náà. Tèmi dáa, kò sí àléébù. Mo tún gún ìyá mi lójú ẹsẹ̀, mo fi èyí tó tẹ̀ lé e wò ó. Ó ju igba lọ. Mo jókòó ti ẹ̀rọ ìránṣọ mi, n kò rán nǹkan kan. Bí ìwé bá jẹ́ òtítọ́, mo fẹ́ fi ààwẹ̀ du ìyá mi lásán. Bí ẹ̀rọ bá jẹ́ òtítọ́, ọ̀sán ààwẹ̀ kan péré nínú ooru yẹn lè dá a wó.

Ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ààwẹ̀, a gbé ìwé náà lọ sọ́dọ̀ dókítà. Ìyá mi wọ aṣọ ọdún. Dókítà ka èsì náà, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ṣùgbọ́n nígbà tí nọ́ọ̀sì gún ìka ìyá mi tó sì gbé nọ́ńbà wá, ẹ̀rín náà kú. Ẹ̀rọ tiwọn bá tèmi mu. Ó fa ìpéǹpéjú ìyá mi sílẹ̀, ó wo inú rẹ̀. Ó funfun bíi ti ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tó. Ó wo ẹyinjú: ó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bíi ti ẹni tí ibà pọ́njú ń ṣe.

"Màmá, kí ni jínótáìpù yín?"

Ìyá mi wò mí, ó wò ó. "Ọmọ mi, ṣé o fẹ́ fi mí ṣaya ni?"

Nọ́ọ̀sì bú sẹ́rìn-ín, ó ní láti di tábìlì mú. Dókítà pàápàá rẹ́rìn-ín. Ta ló máa ń béèrè bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ arúgbó? Lọ́dọ̀ wa, àwọn tó fẹ́ fẹ́ra ni wọ́n ń lọ ṣe é, kí àáfà tàbí pásítọ̀ lè so wọ́n pọ̀. Ẹni tó ti bímọ, tó ti sin ọkọ, kí ló fẹ́ fi ṣe?

"Ẹ̀yin ńkọ́?" dókítà bi mí.

"AS ni mí. Nígbà tí mo fẹ́ lọ́kọ ni mo ṣe é. Àbúrò mi jẹ́ AC."

Ó gbé bírò rẹ̀ sílẹ̀. "AC? Bàbá yín ńkọ́?"

"A kò mọ̀. Wọ́n ti kú."

"Màmá, ṣé ara máa ń ro yín?"

"Làkúrègbé ni," ìyá mi dáhùn. "Láti kékeré ló ti wà lára mi. Bí ọyẹ́ bá dé, tàbí bí òjò bá pa mí, eegun mi á máa ké. Òrí ni mo fi ń pa á."

Dókítà tún gbé bírò rẹ̀. Ó ní, "Ó yẹ kí n ti bi yín kí n tó rán yín lọ sí Ìlọrin. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí á fa ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ sí i."

Nígbà tí èsì yẹn jáde, SC ni ìyá mi: S rẹ̀ ni mo jogún, C rẹ̀ ni àbúrò mi jogún. Ó ti tó ẹni ọgọ́ta ọdún, àìsàn ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń pè ní fọ̀níkú-fọ̀ladìde ti wà lára rẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i, ẹyọ ẹnì kan kò mọ̀. Èyí tó jẹ́ tirẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ le bíi ti SS, ìdí nìyẹn tó fi lè fara pamọ́ sábẹ́ orúkọ làkúrègbé.

Dókítà sọ ọ́ fún wa pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Ẹ̀jẹ̀ pupa ẹni tó jẹ́ AA máa ń lo bí oṣù mẹ́rin nínú ara. Tiyín kì í pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ kó tó kú. Kí ṣúgà tó lẹ̀ mọ́ ọn, tuntun ti rọ́pò rẹ̀. Àti pé ṣúgà tó lẹ̀ mọ́ A inú ẹ̀jẹ̀ gan-an ni àyẹ̀wò yẹn ń wá. Ẹ̀yin kò ní A rárá. Iye yòówù tí ẹ̀rọ wọn bá kọ, kò ṣeé gbára lé."

 Ìyá mi ní, "Bí àgbàdo àjà ni."

Dókítà kò mọ àgbàdo àjà. Ìyá mi ṣàlàyé fún un pé àgbàdo tí a bá fẹ́ gbìn ní ọdún tó ń bọ̀, òkè ìdáná la máa ń so ó kọ́ sí, kí kòkòrò má baà jẹ ẹ́. Bí èéfín bá ti pọ̀ tó nínú ilé ìdáná náà ni yóò ṣe dúdú tó. "Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá ń já a, tó ń so tuntun rọ́pò, ìwọ tó wọlé wá á wò ó, wàá ní, 'Wọn kì í dáná níbí.' Ojú ẹni tó ń dáná sì ti fọ́."

"Màmá, ó parí síbẹ̀," ni dókítà wí. Ó ní ìdàkejì rẹ̀ náà wà: ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tó nítorí pé èròjà irin inú oúnjẹ kò tó o, ẹ̀jẹ̀ pupa rẹ̀ máa ń pẹ́ lórí àjà ju bó ti yẹ lọ, èsì rẹ̀ a sì ga ju bí ṣúgà rẹ̀ ti rí lóòótọ́.

Mo béèrè nípa èmi tí mo jẹ́ AS. Ó ní ẹ̀jẹ̀ tèmi ń pẹ́ bí ó ti yẹ, mo sì ní A, nítorí náà àyẹ̀wò yẹn sábà máa ń wúlò fún irú mi. Ṣùgbọ́n S máa ń da àwọn ẹ̀rọ kan láàmú, nígbà mìíràn èsì sì lè kéré díẹ̀ ju òótọ́ lọ. Kí n máa sọ fún àwọn ará láàbù kí wọ́n tó fa ẹ̀jẹ̀, kí a sì máa fi ìka wé e.

Ti ìyá mi, ìka gígún ni a ó máa tẹ̀ lé, láàárọ̀ àti lẹ́yìn oúnjẹ. Àyẹ̀wò mìíràn wà tó ń wo ṣúgà tó lẹ̀ mọ́ omi ẹ̀jẹ̀, kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ pupa, ṣùgbọ́n ọ̀nà jìn kí a tó rí i ṣe. Dókítà fi kún oògùn rẹ̀. Ó ní kí á lọ rí dókítà ojú.

"Ààwẹ̀ ńkọ́?" ìyá mi béèrè.

"Màmá, àìsàn méjèèjì ló ń fẹ́ omi."

 Nínú ọkọ̀, ìyá mi yí ojú sí fèrèsé títí a fi dé ilé. Mo rò pé ààwẹ̀ ló ń sunkún rẹ̀. Nígbà tí mo ń bá a bọ́ bàtà, ó di ọwọ́ mi mú.

"Wọ́n bí i mọ́ mi ni, àbí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá."

"Nígbà tí wọ́n gbé mi wọlé bàbá yín, ọyẹ́ ni. Wọ́n ní kí n bá wọn lọ oko ní Agbamu, n kò lè dìde. Ìyálé mi ní ọ̀lẹ ni wọ́n fẹ́ wálé. Ó fi kọrin bú mi láàárín àwọn ìyàwó ilé." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, omi sì wà lójú rẹ̀. "Èmi náà gbà á gbọ́. Láti ìgbà yẹn ni mo ti ń gbìyànjú kí n má ya ọ̀lẹ."

Mo gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ lé itan mi, mo fi òrí pa á.

Ìyálé rẹ̀ yẹn ṣì wà láàyè, ó ti darúgbó kùjọ́kùjọ́, ó ń gbé ní yàrá ẹ̀yìn ilé wa pẹ̀lú ọmọ tirẹ̀. N kò mọ ẹni tó sọ fún un. Ní ọ̀sán ọjọ́ àkọ́kọ́ ààwẹ̀, nígbà tí ìyá mi jókòó ti ọbẹ̀ rẹ̀ tí kò lè jẹ ẹ́, ìyá àgbà náà fi ọ̀pá tẹ ilẹ̀ wọlé, abọ́ tirẹ̀ lọ́wọ́. Òun náà kò lè gbààwẹ̀ mọ́.

"Ìyàwó, sún sọ́hùn-ún."

Ìyá mi sún fún un.

"Wọ́n ní inú ẹ̀jẹ̀ ló ti wá."

"Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n wí, Ìyálé."

Ìyá àgbà fi ọwọ́ pa orúnkún ìyá mi fún ìgbà pípẹ́, bí ẹni ń wá ibi tó ń dùn ún. "N kò mọ̀," ni ó wí. "Ọlọ́run gbọ́, n kò mọ̀."

"Kò sẹ́ni tó mọ̀. Ẹ jẹun, ọbẹ̀ ń tutù."

Mo mú ẹ̀rọ wá, mo gún ìka ìyá mi kí ó tó bù ú. Oògùn tuntun náà ti ń ṣiṣẹ́. Ó ti sọ̀ kalẹ̀ sí i. Mo sọ iye rẹ̀ fún un. Ó ní alihamudulilahi, ó sì na ọwọ́ sí èyí tó tóbi jù nínú ẹran méjì tó wà nínú abọ́ ìyálé rẹ̀.