Àwòrán Mẹ́rìndínlógójì

Ta ni mo fi ń rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà? Mo ti bi ara mi léèrè lẹ́yìn ìrun, mo ti bi ara mi léèrè nídìí ebè iṣu, n kò tíì rí èsì. Gbogbo agbo ilé la jọ rẹ́rìn-ín. Ìyá Àdùkẹ́ nìkan ni kò rẹ́rìn-ín, bẹ́ẹ̀ òun ló ni ìtàn.

Tàwàkálítù, ọmọ ọmọ rẹ̀, ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀. Kambolé níbí, ní ilẹ̀ Tógò, ni wọ́n bí i sí. Ọ̀dọ̀ mi ló ti kọ́ álífù, igi ni mo fi ń nà án nítorí pé kò yéé ya ẹyẹ sí ẹ̀yìn wàláà. Igi náà kò ṣiṣẹ́. Lónìí, Sokodé ló wà, nínú yàrá kan lókè ilé ìtajà táyà lẹ́bàá ọjà, ó ń fi kọ̀ǹpútà ya àwòrán tó ń rìn, tó ń sọ̀rọ̀, tó sì ń pa èèyàn lẹ́rìn-ín. N kò fẹ́ràn iṣẹ́ náà. Wọ́n kọ́ wa pé lọ́jọ́ ẹ̀san, wọ́n á ní kí ẹni tó ya ohun ẹlẹ́mìí fẹ́ ẹ̀mí sínú rẹ̀, kò sì ní lè ṣe é. Mo sọ ọ́ fún un. Ó ní, “Bàbá Àlùfáà, mo gbọ́.” Ó ń gbọ́, ó sì ń yà.

Ìtàn tó yà yìí, láti ayé tí àwọn Jámánì ń ṣàkóso ilẹ̀ wa ni. Ìyá Àdùkẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu bàbá rẹ̀, bàbá rẹ̀ sì wà níbẹ̀ lọ́mọdé. Jámánì kan ti Sokodé wá. Kò rìn. Inú aṣọ tí wọ́n so mọ́ ọ̀pá gígùn ló dùbúlẹ̀ sí, ọkùnrin mẹ́rin ló rù ú gba Tchamba dé Kambolé. Nígbà tó dé iwájú àwọn àgbà, wọn kò tíì sọ̀ ọ́ kalẹ̀ tó fi ní kí ògbufọ̀ sọ fún wọn pé, “Ẹ wò ó bí mo ṣe ti ọ̀nà jíjìn wá. Kì í rẹ Jámánì!” Àkànó, tó bí bàbá Ìyá Àdùkẹ́, wo ẹsẹ̀ àwọn mẹ́rin tó rù ú. Ẹ̀jẹ̀ ti gbẹ mọ́ ọn. Ó wò ó títí. Ó wá gbójú padà sókè, ó ní, “Ẹ kú ìrìn o, ọ̀gá. Ẹsẹ̀ yín mà le o.” Ẹni àkọ́kọ́ lára àwọn tó rù ú bú sẹ́rìn-ín, ẹnì kejì gbà á, èjìká ń gbọ̀n, ọ̀pá yẹ̀, ìdí Jámánì sì ba ilẹ̀ gbì!

Ìyá Àdùkẹ́ kì í sọ ọ́ bí kò bá ń bẹ iṣu. Ọ̀bẹ á máa lọ kẹ̀rẹ̀, kẹ̀rẹ̀, kẹ̀rẹ̀. Tó bá kan ibi tí Àkànó ti wo ẹsẹ̀, ọ̀bẹ á dúró. Kò ní sọ̀rọ̀. Ìwọ tí ò ń gbọ́ á gbé ojú sókè wò ó. Ìgbà yẹn ló máa tó sọ ọ̀rọ̀ Àkànó, ọ̀bẹ á sì tún máa lọ bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀.

Tàwàkálítù fi fóònù gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Ó gbé e sínú kọ̀ǹpútà, ó wọn ibi tí ọ̀bẹ ti dákẹ́. Ó ṣàlàyé fún mi pé àwòrán mẹ́rìnlélógún ló ń kọjá lójú ní ìṣẹ́jú àáyá kan, àti pé ìdákẹ́ Ìyá jẹ́ àwòrán mẹ́rìndínlógójì. Ó pín in: mẹ́jọ kí ojú Àkànó fi sọ̀ kalẹ̀, ogún lórí ẹsẹ̀ àwọn tó ru ẹrù, mẹ́jọ kí ojú fi gòkè padà. Kò sí orin níbẹ̀, kò sí ohùn kankan.

“Bàbá,” ló wí, “ọ̀rọ̀ Jámánì ń gbé nǹkan kalẹ̀. Ọ̀rọ̀ Àkànó ń wó o lulẹ̀. Àárín méjèèjì ni ẹni tó ń wò ó ti máa rí ohun tí Àkànó rí. Tí kò bá rí i, kò lè bá a rẹ́rìn-ín.”

Ó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ fún Làmídì, ẹni tó ni yàrá iṣẹ́ náà, pé kó to ohùn mọ́ ọn. Sokodé ni wọ́n bí Làmídì sí, ṣùgbọ́n ọmọ Kambolé ni bàbá rẹ̀. Tàwàkálítù wá sílé fún ìsinmi. Kó tó padà, Làmídì ti fi fíìmù náà sórí fóònù gbogbo ayé.

Lẹ́yìn ìrun Àláásárì ni fóònù náà dé agbo ilé. A kóra jọ. Jámánì sọ̀rọ̀ rẹ̀. Fèrè kan han pàán-pàán. Lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, orí Àkànó lọ sílẹ̀, ó gòkè kíá, bí ẹni tó tẹrí ba: “Ẹ kú ìrìn o, ọ̀gá. Ẹsẹ̀ yín mà le o.” A kò rí ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni. Lẹ́yìn náà, Jámánì ṣubú bí ẹni tí okùn rẹ̀ já. A bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rín, mo fi ọwọ́ gbá itan.

Ìyá Àdùkẹ́ bèèrè pé, “Ẹsẹ̀ wọn dà?”

A ṣì ń rẹ́rìn-ín.

“Mo ní, ẹsẹ̀ wọn dà, Tàwà?”

Tàwàkálítù ń wo fóònù bí ẹni tí wọ́n já ọmọ gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìyá dìde. “Bàbá tó bí bàbá mi ò tẹrí ba fún Jámánì rí. Ìwọ ọmọ rẹ̀ lo wá mú un tẹrí ba.” Ó wọ yàrá, ó ti ilẹ̀kùn. Ẹ̀rín sá lẹ́nu wa. Láti ọjọ́ yẹn, kò dá Tàwàkálítù lóhùn mọ́, ìkíni pàápàá kò jẹ́ ẹ.

Ọ̀sẹ̀ kejì, ọmọ náà wá bá mi. “Ẹ bá mi dé Sokodé. Tí mo bá dá lọ, màá fọ́ kọ̀ǹpútà yẹn mọ́ ọn lórí.” Mo rò pé àsọdùn ni, síbẹ̀ mo mú fìlà mi. A gun alùpùpù kan náà, eruku Tchamba kún ẹnu wa dé Sokodé.

Làmídì dìde fún mi, ó fún mi níjòkó. Kò mọ ohun tó ń bọ̀.

“Ta ló ní kó o gé ẹsẹ̀ kúrò?” Tàwàkálítù kò kí i.

“Àwòrán díẹ̀ ni mo gé. Mo fi mẹ́fà sílẹ̀ fún ọ.”

“Mẹ́fà! Mẹ́fà ò tó kí èèyàn fi ṣẹ́jú!”

“Tàwà, fóònù ni wọ́n fi ń wò ó. Tí nǹkan bá dákẹ́ báyìí, wọ́n á rò pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti lọ. Wọ́n á fi ìka tì í kọjá. Mo mọ àwọn tó ń wò ó.”

“O mọ ìka wọn. O ò mọ wọn.”

“Wọn ò rẹ́rìn-ín ni? Àlùfáà, ẹ̀yin náà ẹ rí i, ẹ ò rẹ́rìn-ín?”

Ìtìjú mú mi. Mo wo ilẹ̀.

“Wọ́n rẹ́rìn-ín,” Tàwàkálítù pariwo, “àgbà mi ni wọ́n fi ń rẹ́rìn-ín! Ìwọ tí bàbá rẹ jẹ́ ọmọ Kambolé! Fèrè rẹ sì ń pè wọ́n pé ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ rẹ́rìn-ín, bí ẹni ń pe adìyẹ sí àgbàdo!”

Ariwo náà mú kí Jàríátù tó ń ránṣọ ní yàrá kejì yọjú. Ọmọ Tem, ẹ̀yà tó ni Sokodé, ni, ṣùgbọ́n ó gbọ́ èdè wa nítorí ọkọ rẹ̀. “Ẹ ó pa ara yín ni?” Kò tíì rí fíìmù náà. Tàwàkálítù fà á wọlé, ó fi èyí tí Làmídì gé hàn án.

Jàríátù rẹ́rìn-ín. “Bàbá yìí mà mọ bí wọ́n ṣe ń pọ́n òyìnbó lé o! Ẹlẹ́nu dídùn.”

“Ṣé o gbọ́?” Tàwàkálítù kò wo Jàríátù, Làmídì ló ń wò. Ó wá fi tirẹ̀ hàn án. Jámánì sọ̀rọ̀. Ìdákẹ́. Ojú Àkànó sọ̀ kalẹ̀. Ẹsẹ̀ mẹ́jọ nínú eruku, ọ̀kan gbé àtàǹpàkò rẹ̀ sókè nítorí ọgbẹ́. Jàríátù dẹ́kun ẹ̀rín. Ojú Àkànó gòkè padà. “Ẹ kú ìrìn o, ọ̀gá. Ẹsẹ̀ yín mà le o.”

Jàríátù kò ṣe nǹkan fún ìwọ̀nba èémí kan. Ó wá fi ọwọ́ bo ẹnu, ó fi èkejì lu tábìlì. “Ó bú u! Yéè, ó bú u lójúkojú, kò mọ̀!” Kó tó mí, àwọn mẹ́rin ti ń rẹ́rìn-ín lára àwòrán, ọ̀pá ti yẹ̀, Jámánì ti balẹ̀. Ó jókòó sílẹ̀, omi ń bọ́ lójú rẹ̀.

Làmídì ní, “Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ nẹ́tíwọ́ọ̀kì yẹn, òótọ́ ni.”

“Mo mọ̀ pé òótọ́ ni. Ìdí tí mo fi wá nìyẹn, kì í ṣe kí n bú ọ nìkan.” Ó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà. Ọ̀sán yẹn, kò fi kún ìdákẹ́ náà, kò sì dín in. Lórí ogún àwòrán ẹsẹ̀ yẹn, ó ya ẹ̀kán òógùn kan tó bọ́ láti òkè sínú eruku, kí ẹni tó ń wò ó lè mọ̀ pé fóònù kò kú. Nígbà tí ojú bá sì ń gòkè padà, ó mú kí àyà Àkànó gbé sókè díẹ̀, bí ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀.

Mo rí i tí Àkànó mí. Ẹ̀rù bà mí. Mo ka Àsìtàgìfírúlà, mo tọrọ àforíjì, mo sì tún fẹ́ rí i lẹ́ẹ̀kan sí i. Ọlọ́run mọ inú ẹrú rẹ̀. Èmi kò mọ̀ ọ́n.

Làmídì yọ fèrè kúrò. Ó fi tuntun sípò ti àtijọ́, ó ní kí a dárí ji òun. Tàwàkálítù fi tuntun náà sórí fóònù rẹ̀, ó dìde. Ti àtijọ́ ti wọ inú fóònù àwọn èèyàn láti ìlú Goubi dé Sokodé. Ta ló máa gbà á padà lọ́wọ́ wọn? Wọ́n ṣì ń rán an síra wọn títí di bí mo ṣe ń kọ èyí, inú sì ń bí mi, torí mo mọ irú ẹ̀rín tí wọ́n ń rín.

Nígbà tí a padà dé Kambolé, Tàwàkálítù dúró lẹ́nu ọ̀nà agbo ilé, kò wọlé. Ìyá Àdùkẹ́ wà nínú yàrá. A ń gbọ́ ọ̀bẹ rẹ̀.

Ọmọ náà na fóònù sí mi. “Bàbá Àlùfáà, ẹ jọ̀ọ́. Kò ní ṣílẹ̀kùn fún mi, kò lè tì í mọ́ yín. Ẹ mú un wọlé fún mi, kó wò ó lẹ́ẹ̀kan péré.”

“Kí ni kí n sọ fún un?”

“Ẹ má sọ nǹkan kan. Tó bá kan ibi ẹsẹ̀, ẹ̀yin náà, ẹ dákẹ́.”